Lọ́ọ̀gì Láì Lo Ẹ̀rọ Ìṣirò: Ibi Tí Máàkì Ti Ń Jò

Ìbéèrè kan rèé, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe ìdánwò Wáyẹ̀kì máa ń bá pàdé nínú ìṣirò. Ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wá iye ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí láì lo tébù, láì sì lo ẹ̀rọ ìṣirò:

log₁₀ 40 + 2 log₁₀ 3 − log₁₀ 0.36

Ẹ̀rọ ìṣirò lè wà lórí tábìlì akẹ́kọ̀ọ́ náà lọ́jọ́ yẹn, nítorí Wáyẹ̀kì fàyè gba ẹ̀rọ kékeré tí kì í pariwo, tí kì í sì í tẹ ìwé jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "láì lo" yẹn ti dí ọ̀nà náà mọ́ ọn. Bí ó bá tẹ ìbéèrè náà sínú ẹ̀rọ, 3 ni yóò rí, 3 náà sì ni ìdáhùn tó tọ̀nà. Síbẹ̀, bí 3 nìkan ló bá kọ sílẹ̀, kò tíì dáhùn ohun tí wọ́n bi í. Ìgbésẹ̀ tó gbé e dé ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ rí, orí ìgbésẹ̀ yẹn ni èyí tó pọ̀ jù nínú máàkì náà sì wà.

Ìgbésẹ̀ ọ̀hún kò gùn. 2 tó wà níwájú log 3 á gòkè lọ dúró lórí 3, 3 á di 3², ìyẹn 9. Lọ́ọ̀gì méjì tí a rò pọ̀ á di lọ́ọ̀gì kan ṣoṣo, nọ́ńbà inú wọn ni a ó sì sọ di púpọ̀. Ti lọ́ọ̀gì tí a yọ kúrò, nọ́ńbà inú rẹ̀ ni a ó fi pín ohun tó kù:

log₁₀ (40 × 9 ÷ 0.36) = log₁₀ 1000 = 3

40 lọ́nà 9 jẹ́ 360. Bí a bá fi 0.36 pín 360, 1000 ni a ó rí. 10 mẹ́ta tí a sọ di púpọ̀ pọ̀ ni 1000, ìdí nìyẹn tí lọ́ọ̀gì rẹ̀ fi jẹ́ 3.

Ẹ wá wo ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ọmọ ń gbà ṣìnà níbẹ̀. Wọ́n á rí 2 log₁₀ 3, wọ́n á sì sọ pé 2 lọ́nà 3 jẹ́ 6, nítorí náà log₁₀ 6 ni. Láti ibẹ̀, 40 lọ́nà 6 jẹ́ 240. Bí a bá fi 0.36 pín 240, 666 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta ló máa jáde. Ọmọ náà á tẹjú mọ́ log₁₀ 666.67, kò sì ní mọ ohun tí yóò fi ṣe. Àwọn kan á yọ́ gbé ẹ̀rọ ìṣirò, wọ́n á kọ 2.82, wọ́n á sì bọ́ sí ìbéèrè tó kàn.

666.67 yẹn fúnra rẹ̀ ti sọ̀rọ̀. Ẹni tó ṣètò ìbéèrè kò mú 40 àti 0.36 lásán, ó yàn wọ́n kí wọ́n lè gbá jọ di 1000. Nínú ìbéèrè tó bá ní "láì lo tébù", tí kò sì fún akẹ́kọ̀ọ́ ní iye lọ́ọ̀gì kankan, ohun tó kù nínú àkámọ́ lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ nọ́ńbà tí béèsì lè dé nípa páwà tó ṣe é kà: 10, 100, 1000, 0.1, tàbí 1 pàápàá. Bí ohun tó jáde bá rí jákujàku, ibì kan ti bàjẹ́ lókè. Kí ọmọ náà padà lọ wo ìlà kìíní, ibi tó ti gbé nọ́ńbà iwájú lọ́ọ̀gì, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe náà máa ń wà jù.

Kí ló fa àṣìṣe yìí gan-an? Kì í ṣe pé ọmọ náà kò mọ òfin lọ́ọ̀gì. Bí o bá ní kó ka òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, yóò kà wọ́n geere. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ojú rẹ̀ ń rí lẹ́tà mẹ́ta tí a fi ń kọ log bí ẹni pé nọ́ńbà kan ni, tó dúró síwájú 3 láti sọ ọ́ di púpọ̀, bí ìgbà tí a bá kọ 5x. Bí log bá jẹ́ nọ́ńbà, á ṣeé tú àkámọ́ rẹ̀ ká, á ṣeé fagi lé lókè àti nísàlẹ̀, á sì ṣeé gbé kúrò níwájú ohun tó bá wà. Gbogbo àṣìṣe ńlá tí àpilẹ̀kọ yìí máa mẹ́nu bà, àfi ọ̀kan, ti inú èrò yẹn wá.

Lọ́ọ̀gì kì í ṣe nọ́ńbà tó ń sọ nǹkan di púpọ̀. Ìbéèrè ni. log₁₀ 1000 ń béèrè pé: páwà wo ni a ó gbé lé 10 lórí kí ó tó di 1000? Ìdáhùn ni 3. log₂ 32 ń béèrè páwà tí a ó gbé lé 2 lórí kí ó tó di 32, ìdáhùn sì ni 5. Páwà ni lọ́ọ̀gì, gbogbo òfin rẹ̀ sì jẹ́ òfin páwà tó wọ aṣọ mìíràn. Nígbà tí a bá sọ 10² àti 10³ di púpọ̀, a máa ń ro páwà wọn pọ̀, á di 10⁵. Ìyẹn ló fà á tí lọ́ọ̀gì ohun tí a sọ di púpọ̀ fi jẹ́ àròpọ̀ lọ́ọ̀gì. Ṣùgbọ́n bí a bá ro 10² àti 10³ pọ̀, 1100 ni, kò sì sí òfin páwà kankan tó kan 1100. Nítorí náà, kò sí òfin tó sọ log (a + b) di ohunkóhun. Ó dúró bó ṣe wà ni.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fún ni ní máàkì tún mú kí irú àṣìṣe yìí náni jù bó ṣe yẹ lọ. Nínú ìṣirò oníkíkọ ti Wáyẹ̀kì, ìbéèrè 13 ló máa ń wà fún wákàtí méjì ààbọ̀. Márùn-ún àkọ́kọ́ jẹ́ dandan, 40 máàkì ni gbogbo wọn sì ní, èyí tó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní bíi 8. Ẹni tó ń máàkì máa ń ya máàkì ọ̀nà sọ́tọ̀ kúrò lára máàkì ìdáhùn. Bí ọmọ kan bá lo òfin tó tọ̀nà, tó wá ṣi 40 lọ́nà 9 kà sí 350, máàkì ọ̀nà rẹ̀ wà níbẹ̀. Ti ìdáhùn nìkan ló bọ́. Ẹni tó sọ 2 log 3 di log 6 ti pàdánù máàkì ọ̀nà náà fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni máàkì ìdáhùn kò lè dúró láìsí ti ọ̀nà tó gbé e. Òfin kan tí a ṣì lò ní ìlà kìíní lè kó gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lọ.

Àṣìṣe kejì farahàn níbi tí lọ́ọ̀gì bá wà lórí lọ́ọ̀gì. Ẹ wo èyí:

log₁₀ 32 ÷ log₁₀ 8

Oríṣi ìdáhùn òdì méjì ni àwọn ọmọ máa ń kọ síbẹ̀. Àwọn kan á fagi lé log tòkè, wọ́n á fagi lé tìsàlẹ̀, wọ́n á fi 8 pín 32, wọ́n á sì kọ 4. Àwọn kejì á rántí pé òfin kan wà tó sọ̀rọ̀ nípa pípín, wọ́n á sì sọ ọ́ di log₁₀ 4. Òfin yẹn wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó sọ ni pé bí a bá YỌ lọ́ọ̀gì kan kúrò nínú òmíràn, nọ́ńbà inú wọn ni a ó pín. Kò sọ ohunkóhun nípa lọ́ọ̀gì tí a fi pín lọ́ọ̀gì. log₁₀ 32 − log₁₀ 8 ni log₁₀ 4. log₁₀ 32 ÷ log₁₀ 8 jẹ́ ohun mìíràn pátápátá.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe ni kí a wá nọ́ńbà kékeré tó bí nọ́ńbà méjèèjì. 32 jẹ́ 2⁵, 8 sì jẹ́ 2³. Nítorí náà:

log₁₀ 32 ÷ log₁₀ 8 = 5 log₁₀ 2 ÷ 3 log₁₀ 2 = 5/3

Níbí yìí, a lè fagi lé log₁₀ 2 lókè àti nísàlẹ̀, nítorí log₁₀ 2 lódindi jẹ́ nọ́ńbà kan, 0.3010. Kò sí ohun tó burú nínú fífagi lé e. Ohun tí a kò lè fagi lé ni lẹ́tà mẹ́ta yẹn nìkan, kí a wá fi 2 sílẹ̀. Ó tọ́ kí àwọn olùkọ́ dúró síbí yìí pẹ́ díẹ̀ pẹ̀lú ọmọ, nítorí ẹni tí wọ́n kàn sọ fún pé "má fagi lé lọ́ọ̀gì" máa ń bẹ̀rù láti fagi lé kódà níbi tó ti yẹ.

Ọ̀nà tí a lè gbà mọ̀ pé 4 kò lè jẹ́ ìdáhùn wà, kò sì gba ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Ohun tí log 32 ÷ log 8 ń béèrè náà ni log₈ 32 ń béèrè, ìyẹn páwà tí a ó gbé lé 8 lórí kí ó tó di 32. 8 páwà 1 jẹ́ 8. 8 páwà 2 jẹ́ 64. 32 wà láàárín wọn, nítorí náà ìdáhùn gbọ́dọ̀ wà láàárín 1 àti 2. 4 ti ga jù: 8 páwà 4 jẹ́ 4096. Ti log₁₀ 4 ńkọ́? 4 kò tó 10, lọ́ọ̀gì rẹ̀ kò sì lè tó 1. Ìdá márùn-ún nínú mẹ́ta, tó jẹ́ 1 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta, ló bọ́ sí àyè tó yẹ.

Irú ìbéèrè kẹta kò dà bí àwọn tó ṣáájú, torí pé wọ́n á fún akẹ́kọ̀ọ́ ní nǹkan lọ́wọ́. Wọ́n á ní log₁₀ 2 jẹ́ 0.3010, log₁₀ 3 sì jẹ́ 0.4771, wọ́n á wá ní kó wá lọ́ọ̀gì àwọn nọ́ńbà mìíràn láì wo tébù. Ọ̀rọ̀ pé ìdáhùn gbọ́dọ̀ jáde bí nọ́ńbà tó ṣe é kà kò ṣiṣẹ́ mọ́ níbí, nítorí póíńtì ni gbogbo ìdáhùn máa ní. Iṣẹ́ ibẹ̀ ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ fi 2, 3 àti 10 kọ́ nọ́ńbà tí wọ́n béèrè, nípa sísọ di púpọ̀ àti pínpín nìkan. Bí wọ́n bá béèrè log₁₀ 4.5, 9 tí a fi 2 pín ni 4.5, 9 sì jẹ́ 3²:

log₁₀ 4.5 = 2(0.4771) − 0.3010 = 0.9542 − 0.3010 = 0.6532

Wọ́n sábà máa ń béèrè log₁₀ 5. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń sọ pé 2 àti 3 jẹ́ 5, wọ́n á ro 0.3010 àti 0.4771 pọ̀, wọ́n á sì kọ 0.7781. Àṣìṣe àkọ́kọ́ yẹn náà ló tún padà wá, pé a lè tú log (2 + 3) ká. 0.7781 ni lọ́ọ̀gì 6, nítorí 2 lọ́nà 3 ni 6. Ohun tí ọmọ kì í tètè rí ni pé wọ́n ti fún un ní nọ́ńbà kẹta láì sọ ọ́ jáde: log₁₀ 10 jẹ́ 1. 5 jẹ́ 10 tí a fi 2 pín, lọ́ọ̀gì rẹ̀ sì jẹ́ 1 − 0.3010, ìyẹn 0.6990. Ẹni tó bá ti mọ ìyẹn ti ní 15, 25, 0.5, 7.5 àti ogunlọ́gọ̀ mìíràn lápò. Ti 7 kò ṣeé ṣe. Kò sí bí a ṣe lè fi 2, 3 àti 5 kọ́ ọ, ìdí sì nìyẹn tí ìbéèrè tó bá fẹ́ 7 tàbí 14 fi máa ń fúnni ní log₁₀ 7 pẹ̀lú.

Àṣìṣe kan ṣoṣo wà tí kò ti inú rírí lọ́ọ̀gì bíi nọ́ńbà wá. Ti báà ni.

Kí a tó lè mọ ohun tí báà wà fún, ó yẹ kí a mọ ibi tí béèsì 10 ti wá. Ní 1614 ni Jọ́ọ̀nù Népíà, ará Síkọ́tíláǹdì, tẹ ìwé jáde nípa lọ́gárídíìmù, ṣùgbọ́n lọ́ọ̀gì tirẹ̀ kò dúró lórí 10. Hẹ́ńrì Bíríìgìsì, ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò ní Lọ́ńdọ̀nù, ka ìwé náà, ó sì rìnrìn-àjò lọ bá Népíà nítòsí Ẹdinbọ́rọ̀ ní 1615. Àwọn méjèèjì fohùn ṣọ̀kan pé ó sàn kí lọ́ọ̀gì 1 jẹ́ 0, kí a sì mú 10 ṣe ìpìlẹ̀. Ní 1617, Bíríìgìsì gbé tébù jáde fún nọ́ńbà láti 1 dé 1000 lórí ìlànà tuntun yìí. Àǹfààní rẹ̀ ni pé 2, 20 àti 200 ń pín nọ́ńbà kan náà lò lẹ́yìn póíńtì: 0.3010, 1.3010, 2.3010. Odidi iwájú nìkan ló ń yí padà. Ìdí nìyẹn tí tébù fọ́ọ̀ fígọ̀ tí àwọn ọmọ ń gbé wọ ìdánwò fi tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn póíńtì nìkan ló ń kọ.

Ìṣòro dé nígbà tí nọ́ńbà kò bá tó 1. 0.06 jẹ́ 6 tí a fi 100 pín, lọ́ọ̀gì rẹ̀ sì jẹ́ 0.7781 − 2. Bí a bá ṣírò ìyẹn tán, −1.2219 ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n 2219 kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ 6 nínú tébù, ẹni tó bá fi wá a kò ní dé 0.06. Kí 7781 má bàa sọnù, wọn kò parí àyọkúrò náà. Wọ́n fi àmì lé orí 2 nìkan, wọ́n sì fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà: 2̄.7781, tí a ń pè ní báà méjì póíńtì méje méje mẹ́jọ ọ̀kan. Nọ́ńbà méjì ló wà nínú rẹ̀. Iwájú rẹ̀ jẹ́ −2. Ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ +0.7781. Ẹni tó bá kà á bíi −2.7781 ti sọ ẹ̀yìn náà di gbèsè pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ owó ọwọ́ ni.

Gbogbo rẹ̀ máa ń lọ déédéé títí wọ́n á fi ní kí ọmọ pín in. Ká ní wọ́n béèrè rúùtù kẹta 0.06, ìyẹn nọ́ńbà tí a ó kọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí a ó sì sọ di púpọ̀ pọ̀ kí ó tó di 0.06. A gbọ́dọ̀ fi 3 pín 2̄.7781. Ọ̀pọ̀ ọmọ á pín in bí ẹni pé 2.7781 lásán ni, wọ́n á rí 0.9260, wọ́n á wá ẹyọ náà nínú tébù áńtílọ́ọ̀gì, wọ́n á sì kọ 8.433 sílẹ̀.

Kí ọmọ náà kàn wo ohun tó kọ. Ó fẹ́ nọ́ńbà tí a ó sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ kí ó tó di 0.06, nọ́ńbà tó kéré gan-an, ó wá kọ ohun tó ju 8 lọ. 8 lọ́nà 8 ti di 64 kí ẹ̀kẹta tó dé. Rúùtù nọ́ńbà tí kò tó 1 kò lè ju 1 lọ láé. Ohun tó ṣírò ní tòótọ́ ni rúùtù kẹta 600, nítorí 600 ni lọ́ọ̀gì rẹ̀ jẹ́ 2.7781 tí kò ní báà.

Ọ̀nà tó tọ̀nà ni pé kí a kọ́kọ́ mú kí apá tó ní báà ṣeé fi 3 pín láì ṣẹ́kù. 2̄ kò ṣeé pín bẹ́ẹ̀. 3̄ ṣeé pín. A ó yọ 1 kúrò níwájú, −2 á di −3, a ó sì dá 1 náà padà sẹ́yìn kí iye rẹ̀ má bàa yí padà, 0.7781 á di 1.7781:

2̄.7781 ÷ 3 = (3̄ + 1.7781) ÷ 3 = 1̄ + 0.5927 = 1̄.5927

Áńtílọ́ọ̀gì 0.5927 jẹ́ 3.915, báà kan sì gbé póíńtì rẹ̀ sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ kan, ó di 0.3915. Bí a bá sọ 0.3915 mẹ́ta di púpọ̀ pọ̀, a ó padà dé 0.06. Ẹni tó bá ṣì ń ṣiyèméjì lè gba ọ̀nà kejì wò: −1.2219 tí a fi 3 pín jẹ́ −0.4073, 1̄.5927 náà sì ni −1 + 0.5927, tó jẹ́ −0.4073. Ọ̀nà méjèèjì bá ara wọn mu. Ìlà tó wà nínú àkámọ́ yẹn, (3̄ + 1.7781), ni kí ọmọ rí i dájú pé ó hàn lórí ìwé rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹni tó ń máàkì ti máa mọ̀ pé ó mọ ohun tí báà jẹ́.

Èyí tó kù ni ìdọ́gba tó ní lọ́ọ̀gì nínú, níbi tí a ti ń wá x. Àṣìṣe mẹ́ta tó yàtọ̀ síra lè wáyé nínú ìlà kan ṣoṣo bíi ti èyí:

log₁₀ x + log₁₀ (x − 3) = 1

Ẹni tó bá tún ń wo lọ́ọ̀gì bíi nọ́ńbà á ro x àti x − 3 pọ̀, á rí log₁₀ (2x − 3) = 1, á sì parí sí x = 6.5. Ó dáa lójú, kò sì ní ohunkóhun tó lè fura sí, àfi bó bá dá 6.5 padà sínú ìbéèrè: 6.5 lọ́nà 3.5 jẹ́ 22.75, lọ́ọ̀gì rẹ̀ sì ju 1 lọ.

Ẹlòmíràn á ṣe apá òsì dáadáa, á sọ ọ́ di log₁₀ x(x − 3), á wá ju log nù, á sì kọ x(x − 3) = 1. Ó gbàgbé pé 1 apá ọ̀tún kò tíì jẹ́ nọ́ńbà inú lọ́ọ̀gì. Páwà ni 1 yẹn. Kí apá méjèèjì tó lè bára wọn mu, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́ di log₁₀ 10. Àmì tó ń fi àṣìṣe yìí hàn kò fara sin: x² − 3x − 1 = 0 kò ṣeé fọ́ sí àkámọ́ méjì tó ní odidi nọ́ńbà, rúùtù 13 á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Kò dájú nígbà gbogbo pé ìbéèrè lọ́ọ̀gì máa fọ́ geere, ṣùgbọ́n bí kò bá fọ́, kí ọmọ kọ́kọ́ wo ohun tó ṣe sí nọ́ńbà tó dá dúró lápá ọ̀tún.

Iṣẹ́ tó tọ̀nà lọ báyìí: x(x − 3) = 10, nítorí náà x² − 3x − 10 = 0, a ó sì fọ́ ọ sí (x − 5)(x + 2) = 0. x jẹ́ 5 tàbí −2.

Ọ̀pọ̀ ọmọ á fi ìlà sábẹ́ méjèèjì, wọ́n á sì kọjá. Máàkì tó gbẹ̀yìn máa ń bọ́ níbẹ̀, lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti dára láti òkè délẹ̀. Bí a bá fi −2 sí ipò x, log₁₀ (−2) ni a ó kọ́kọ́ bá pàdé. Páwà wo ni a ó gbé lé 10 lórí kí ó tó di −2? Kò sí. 10 páwà 5 jẹ́ 100000, 10 páwà 0 jẹ́ 1, 10 páwà −5 jẹ́ 0.00001, bí páwà ṣe wù kó rí, 10 kì í bí òdo, kì í sì í bí nọ́ńbà tó wà lábẹ́ òdo. 5 nìkan ni ìdáhùn: log₁₀ 5 + log₁₀ 2 = log₁₀ 10 = 1.

Láti ibẹ̀ ni àwọn kan ti fa òfin jáde fún ara wọn pé kí a máa ju nọ́ńbà tó ní àmì àyọkúrò nù nígbà gbogbo. Òfin náà rọrùn, ṣùgbọ́n kò tọ̀nà, ó sì máa ń gba máàkì lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ṣe iṣẹ́ wọn dáadáa. Ẹ wo èyí:

log₁₀ (x + 12) + log₁₀ (x + 3) = 1

Bí a bá sọ inú méjèèjì di púpọ̀, tí a sì fi 10 sí apá ọ̀tún, x² + 15x + 36 = 10, èyí tó di x² + 15x + 26 = 0. Ó fọ́ sí (x + 2)(x + 13) = 0, x sì jẹ́ −2 tàbí −13. Méjèèjì ló ní àmì àyọkúrò. Ẹni tó bá tẹ̀ lé òfin tó fa jáde fún ara rẹ̀ á kọ pé ìbéèrè náà kò ní ìdáhùn.

Ohun tó yẹ kó wò kì í ṣe x fúnra rẹ̀ bí kò ṣe ohun tó wà nínú lọ́ọ̀gì lẹ́yìn tí x bá ti wọlé. Bí x bá jẹ́ −2, x + 12 á di 10, x + 3 á di 1. log₁₀ 10 jẹ́ 1, log₁₀ 1 jẹ́ 0, àròpọ̀ wọn sì jẹ́ 1 gẹ́gẹ́ bí ìbéèrè ṣe sọ. −2 tí a jù nù ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn ni ìdáhùn níbí. Bí x bá jẹ́ −13, x + 12 á di −1, x + 3 á sì di −10. Orí −13 ni kí akẹ́kọ̀ọ́ náà fa ìlà lé, kí ó sì kọ ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́: log₁₀ (−1) kò sí.